Akáǹtì Sùn, Owó Ìtọ́jú Ò Sùn

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù kẹfà 2018, Ahmed Musa gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n Áísílàǹdì lẹ́ẹ̀mejì, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí a péjọ sí ní Pẹ́kàmù, ní Lọ́ńdọ̀nù, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lulẹ̀. Èmi kì í ṣe ọ̀tatẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé, èmi náà ti ṣí akáǹtì sórí ìkànnì tẹ́tẹ́ kan, mo ti fi £20 sí i látinú káàdì báńkì mi, mo sì ti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ta á pé Nàìjíríà ló máa borí. Owó ti wọlé kí onígbàjámọ̀ tó fá orí ẹni tó wà lórí àga rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Ajẹntínà ló kàn. Mo tún fi £10 gbè sẹ́yìn Nàìjíríà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí eré parí ni Marcos Rojo gbá bọ́ọ̀lù tó lé wa wálé wọlé. Mo ti fóònù bọ àpò, mo gba ilé lọ. £43.20 ló ṣẹ́kù nínú akáǹtì náà, n ò sì rántí rẹ̀ mọ́.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ní oṣù kẹwàá 2021 mo fẹ́ kúrò ní báńkì mi àtijọ́, mo wá ń yẹ àwọn sítétímẹ́ǹtì ọjọ́ pípẹ́ wò kí n má baà gbàgbé nǹkan kan sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni mo ti rí £20 tí wọ́n yọ ní oṣù kẹfà 2018, pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú mi là. Mo rántí orúkọ tí mo fi ṣí akáǹtì, páswọ́ọ̀dù nìkan ló sọ nù. Mo ní kí wọ́n fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù mi, wọ́n fi ránṣẹ́, mo wọlé. Òdo ni mo bá níbẹ̀.

Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi pé olè ló wọlé. Mo wá ṣí ojú ewé tí wọ́n ń kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí. Ìlà mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́tẹ́ tí mo ta gbẹ̀yìn, gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Èyí ni méjì àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn:

```
26/07/2019   Inactivity fee   -5.00   38.20
26/08/2019   Inactivity fee   -5.00   33.20
26/03/2020   Inactivity fee   -3.20    0.00
```

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ní 26 oṣù kẹta 2020, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Boris Johnson ní kí gbogbo ará Bìrìtéènì jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà, tí ṣọ́ọ̀bù tilẹ̀kùn, tí a ò rí burẹ́dì rà, kọ̀ǹpútà kan jí lóru, ó wo àpò mi, ó rí i pé £5 tó yẹ kó gbà ò pé níbẹ̀ mọ́, ó gbá £3.20 tó kù, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Wọn ò jí owó mi. Àdéhùn tí mo fọwọ́ sí láì kà á ló jẹ ẹ́.

Nínú àdéhùn àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó wọ́pọ̀ kí ẹ rí abala kan tó sọ pé bí oníbàárà ò bá lo akáǹtì rẹ̀ fún àkókò kan, akáǹtì náà ti sùn, àwọn yóò sì máa yọ owó ìtọ́jú lára ohun tó wà nínú rẹ̀. Níbi tèmi, oṣù 12 ni àkókò náà. Mo ti rí èyí tó kọ oṣù 13 náà. Owó tí wọ́n ń yọ níbi tèmi ni £5 lóṣù, tàbí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tó wà nílẹ̀, èyí tó bá pọ̀ jù. Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ fojú sí. Ẹni tó bá kà á lójú fẹ́rẹ́ á rò pé ìdá márùn-ún ni wọ́n ń gbà, pé bí owó bá ṣe ń kéré ni owó ìtọ́jú náà á máa kéré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdá márùn-ún £43.20 kò ju £2.16 lọ. £5 ló pọ̀ jù, £5 ni wọ́n gbà. Àfi kí ohun tó wà nílẹ̀ ju £100 lọ kí ìdá márùn-ún tó ju £5. Fún ẹni tí owó rẹ̀ ò tó £100, ìdá márùn-ún yẹn kàn jókòó sínú ìwé ni. Fún ẹni tí tirẹ̀ ju £100 lọ, ìdá márùn-ún á kọ́kọ́ máa gé e wálẹ̀ títí yóò fi bọ́ sísàlẹ̀ £100, £5 á wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí ló fà á tí owó kéékèèké fi ń tètè tán. Tí wọ́n bá gba ìdá márùn-ún nìkan lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án mi ò bá ṣì ní nǹkan bíi £27. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́sàn-án náà ni £5 fi jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Owó kéékèèké náà sì ni èèyàn sábà máa ń gbàgbé. Ta ló ń gbàgbé £2,000 sí ibi kan? £8 tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ẹṣin tí a fi owó lé kò wọlé, tàbí £30 tí a ní a ó fi ta tẹ́tẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí ọ̀sẹ̀ náà ò dé, irú wọn ló ń sùn síbẹ̀.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ni ohun tí ilé-iṣẹ́ náà kà sí lílo akáǹtì. Níbòmíràn, bí ẹ bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù, oṣù 12 náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbòmíràn, wíwọlé nìkan ò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́, tàbí kí ẹ fi owó sí i, tàbí kí ẹ yọ owó kúrò. Ẹni tó bá ń wọlé lóṣooṣù láti wo owó rẹ̀ bóyá ó ṣì wà, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan, lè máa fi ojú ara rẹ̀ wo bó ṣe ń jò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ẹ ṣí àdéhùn náà lórí ìkànnì wọn, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ méjì yìí nínú rẹ̀: `inactive` àti `dormant`. Ibi tí ọ̀kan nínú wọn bá wà ni ọ̀rọ̀ yín wà. Kí ẹ tún mọ̀ pé owó ẹ̀bùn tí wọ́n fi fa ojú yín mọ́ra nígbà tí ẹ ń ṣí akáǹtì kì í ṣe owó yín. Ẹ̀bùn yẹn kì í pẹ́ kó tó kú, kò sì sí ẹjọ́ tí ẹ lè rò lórí rẹ̀. Owó tí ẹ fi sílẹ̀ látinú báńkì yín àti èyí tí ẹ jẹ ni a ń sọ.

Mo ní àbúrò kan, ọmọ ìyá ọ̀rẹ́ mi, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀ka tó ń dá oníbàárà lóhùn níbi iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kan. Mo pè é. Mo bi í pé, "Ta ló jókòó tó ń yọ owó yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó jókòó o. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é lóru. Á wo gbogbo akáǹtì tí ọjọ́ tí wọ́n lò ó gbẹ̀yìn ti lé ní ọdún kan, tí nǹkan sì ṣì wà nínú rẹ̀. Á yọ £5. Ó parí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ wà láyé."

"Kí ló wá ń ná wọn tó tó £5 lóṣù?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n gan-an nìyẹn."

Òótọ́ ni pé akáǹtì tó ń sùn kì í ṣe òfo pátápátá fún ilé-iṣẹ́. Owó oníbàárà ni, wọ́n gbọ́dọ̀ máa kà á mọ́ gbèsè tí wọ́n jẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ kó má bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí i. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ nínú, mélòó ló ń jẹ lóṣù kan? Ibi tí òfin ilẹ̀ Bìrìtéènì ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti ọdún 2015 sọ pé àdéhùn tí kò bá fi òtítọ́ inú hàn, tó gbé ìwọ̀n lé apá ọlọ́jà ju apá oníbàárà lọ, tó sì pa oníbàárà lára, kò de oníbàárà náà, ì báà ti fọwọ́ sí i. Ní oṣù kẹwàá 2016, CMA, àjọ tó ń rí sí ìdíje àti ọjà lọ́hùn-ún, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì lórí òfin yìí. Ẹ̀bùn tó ní ìdẹkùn nínú ló gba ojú ìwé ìròyìn jù. Ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń dí oníbàárà lọ́wọ́ láti yọ owó ara rẹ̀, àti àwọn tó ń gba owó ẹni tí kò wọlé fún ìgbà díẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí oníbàárà lè dì mú ni pé bí wọ́n bá fẹ́ gba owó ìtọ́jú, kó bá ohun tó ń ná wọn mu, kí wọ́n sì ti wá oníbàárà náà dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àjọ tó ń rí sí tẹ́tẹ́ nílẹ̀ náà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Bẹ́míńgámù, sì sọ ọ́ di ara ohun tí wọ́n fi ń fún ilé-iṣẹ́ ní láísẹ́ǹsì pé àdéhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó tọ́, tó sì yé èèyàn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé owó inú akáǹtì tẹ́tẹ́ kì í ṣe owó báńkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ni méjèèjì ń fi woni lórí fóònù. Owó tó bá sùn sí báńkì ní Bìrìtéènì fún ọdún 15, òfin ọdún 2008 gbà kí wọ́n kó o lọ sí àpò ìjọba kan tó ń fi í ṣe nǹkan àǹfààní fún ará ìlú, ṣùgbọ́n olówó tàbí àwọn àrólé rẹ̀ lè padà wá gbà á nígbàkigbà. Òfin ọdún 2022 fi owó adójútòfò, owó ìfẹ̀yìntì àti ìpín ìdókòwò kún un. Tẹ́tẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Bákan náà, bí báńkì bá wó, owó ìdáàbòbò wà tí yóò san fún oníbàárà. Bí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ bá wó, kò sí irú rẹ̀. Ohun tó wà ni pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ fún yín bí ó ṣe tọ́jú owó yín tó, ipele mẹ́ta ló sì wà. Èyí tó kéré jù ni kí wọ́n sọ pé owó yín ò ní ààbò rárá. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba. Àwa ni a ò ní kà á.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà ní 11 oṣù kẹwàá 2021. N ò bú wọn. Mo kọ ọjọ́ tí mo lo akáǹtì gbẹ̀yìn, mo kọ iye tó wà níbẹ̀, mo kọ iye tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, mo sì béèrè nǹkan méjì: ọjọ́ wo ni ẹ sọ fún mi pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà wo sì ni ẹ gbà sọ ọ́? Lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọ́n dá mi lóhùn pé àdéhùn ni, pé àwọn fi ímeèlì ránṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 2019. Wọ́n fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ímeèlì ibi iṣẹ́ mi àtijọ́ ni mo fi ṣí akáǹtì náà, mo sì ti fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀ kí ọdún 2018 tó parí. Tèmi ni àṣìṣe yìí, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà kejì.

Nínú lẹ́tà kejì yẹn kan náà ni mo ti béèrè fún gbogbo àkọsílẹ̀ tí wọ́n ní nípa mi. Ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni ni lábẹ́ òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ènìyàn, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù kan pé ni ìwé náà dé. Mo se tíì, mo jókòó tì í. Ní ojú ewé kẹrin mo rí ímeèlì ìkìlọ̀ tí wọ́n ń sọ, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí iwájú rẹ̀: `Bounced`. Ìyẹn ni pé ímeèlì náà dé ẹnu ọ̀nà, kò bá ẹnikẹ́ni nílé, ó sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Kọ̀ǹpútà wọn mọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an pé kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo tún ṣí ojú ewé kejì, mo bú sẹ́rìn-ín. Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejìlá 2019, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ 14 ránṣẹ́ sí fóònù mi. Gbogbo wọn ló dé. Ìpolówó ni gbogbo wọn: wá ta tẹ́tẹ́ ọ̀fẹ́, wá yí ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀bùn ń dúró dè ọ́. Àwọn tó mọ nọ́ńbà mi láti pè mí wá ná owó lẹ́ẹ̀mẹrìnlá, wọn ò rántí nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan láti sọ fún mi pé owó mi ń jò.

Ohun tí mo gbé lé ọwọ́ wọn nínú lẹ́tà kẹta nìyẹn. Wọ́n ní àwọn á fún mi ní £20 gẹ́gẹ́ bí inú rere. Mo ní mi ò fẹ́ inú rere, £43.20 ni mo fẹ́. Wọ́n dákẹ́. Ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ tó bá ní láísẹ́ǹsì Bìrìtéènì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti parí ẹjọ́ oníbàárà. Tí kò bá parí, tàbí tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ oníbàárà lọ́rùn, oníbàárà lè gbé e lọ sọ́dọ̀ onílàjà tí ilé-iṣẹ́ náà ti yàn sínú àdéhùn rẹ̀. IBAS ni ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn, ó ti wà láti 1998, oníbàárà kì í sì í san kọ́bọ̀ fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tèmi pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kejìlá. Mo kó ojú ewé kẹrin, àtẹ̀jíṣẹ́ 14 àti lẹ́tà wa gbogbo jọ, mo fi ránṣẹ́ sí onílàjà. Ọ̀rọ̀ ṣì wà níwájú wọn nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé sí mi pé àwọn á san gbogbo rẹ̀.

N ò lè sọ fún yín pé gbogbo ẹjọ́ ló máa ń lọ báyìí. Ká ní ímeèlì náà dé, ká ní mo ṣí i tí mo sì gbójú fò ó, ọwọ́ mi ò bá ṣófo, àfi kí n jà á lórí £5 nìkan, pé ó pọ̀ ju iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ. Ìjà yẹn náà ṣeé jà, ṣùgbọ́n ó le jù, nítorí àwọn ló mọ ohun tó ń ná wọn. Àkókò náà tún wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wélíìsì, ọdún mẹ́fà ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ lórí àdéhùn ní kóòtù. Ẹni tó bá rántí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá á kàn máa bẹ̀bẹ̀ ni.

Bí owó náà bá sì wà níbẹ̀ digbí, gbígbà á jáde lè má rọrùn. Òfin àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ni pé ọ̀nà tí owó gbà wọlé ló gbọ́dọ̀ gbà jáde, nítorí àwọn tó ń fi tẹ́tẹ́ fọ owó ẹ̀gbin. Káàdì tí mo lò ní 2018 ti kú. Báńkì tó fún mi ní káàdì náà ni mo ń fi sílẹ̀. Ẹ má ti báńkì àtijọ́ pa kí ẹ tó wá owó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti tì í pa, ẹ máa nílò lẹ́tà láti báńkì tó sọ pé akáǹtì yẹn jẹ́ tiyín rí. Láti 7 oṣù karùn-ún 2019, ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ní Bìrìtéènì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí oníbàárà kó tó jẹ́ kó ta tẹ́tẹ́. Akáǹtì tó ti sùn ṣáájú ọjọ́ yẹn lè má tíì ní ìwé kankan nínú. Ẹ múra láti fi páásípọ́ọ̀tù tàbí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ hàn. Ẹni tó ti kó ilé, tàbí tó ti ṣègbéyàwó tó sì ti yí orúkọ padà, kó fi ìwé tó so orúkọ méjèèjì pọ̀ mọ́ ọn kí wọ́n tó béèrè. Bí wọ́n bá sọ pé iye tó wà níbẹ̀ kéré sí èyí tí àwọn ń gbà kí wọ́n yọ, ẹ má fi owó kún un. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ ti akáǹtì pa, kí wọ́n sì san ohun tó kù.

Ó tún lè jẹ́ pé ẹ ò rí ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Wọ́n ń ra ara wọn bíi ẹni ń ra ìṣáná. Ladbrokes àti Coral di ọ̀kan ní 2016, GVC ra àwọn méjèèjì ní 2018, GVC fúnra rẹ̀ sì di Entain ní ìparí 2020. Akáǹtì àtijọ́ kì í sábà kú nígbà tí orúkọ bá yí padà. Wọ́n máa ń kó o lọ sọ́dọ̀ ẹni tó rà á. Ìwé orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì wà lórí gamblingcommission.gov.uk, pẹ̀lú àwọn ìkànnì tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá a. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé ẹni tó bá pè yín pé òun ti rí owó yín, kí ẹ san owó kékeré kan kí òun lè gbà á jáde.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ jẹ́jẹ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbàlà ni fún wọn pé wọ́n gbàgbé akáǹtì náà. Ẹni tí tẹ́tẹ́ ti gbá mú rí, kò yẹ kó tún wọ ibẹ̀ nítorí £15. Ìròyìn ayọ̀ ni pé kò nílò láti wọlé. Ẹni tó bá ní kí ilé-iṣẹ́ dá òun dúró, òfin láísẹ́ǹsì sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti akáǹtì rẹ̀ pa, kí wọ́n sì dá owó inú rẹ̀ padà fún un. Kò tó kí wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ owó rẹ̀ sínú. Ẹni tó bá wà lórí GAMSTOP, níbi tí èèyàn ti lè ti ara rẹ̀ mọ́ ìta gbogbo ìkànnì tẹ́tẹ́ Bìrìtéènì fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún, kò ní lè wọlé, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ímeèlì kan tàbí ìpè kan sí ilé-iṣẹ́ náà tó. Ẹlòmíràn lè bá a kọ ọ́, kí ó fọwọ́ sí i nìkan.

Nàìjíríà ńkọ́? Nílé, nọ́ńbà fóònù ni kọ́kọ́rọ́ akáǹtì tẹ́tẹ́, ibẹ̀ sì ni ewu tó tóbi jù wà. Síìmù tí ẹ ò fi ṣe nǹkan tó mú owó wọlé fún ilé-iṣẹ́ fóònù fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè gé e. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá kọjá, wọ́n lè fi nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Ẹni tuntun yìí tẹ̀ ẹ́ pé òun gbàgbé páswọ́ọ̀dù, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀, ó ti di olówó. Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ kì í san owó sí akáǹtì báńkì tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà ó lè má rí i gbé lọ sílé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kó má fi í ta tẹ́tẹ́ títí á fi tán. Ẹ yí nọ́ńbà padà lórí akáǹtì yín kí síìmù àtijọ́ tó kú.

Àwọn kan máa ń sọ pé Báńkì Àpapọ̀ ti gbé òfin jáde lórí owó tó sùn. Lóòótọ́ ni, ní 2024: owó tó bá sùn sí báńkì fún ọdún mẹ́wàá á lọ sí ọ̀dọ̀ Báńkì Àpapọ̀, olówó sì lè wá gbà á. Báńkì àti irú wọn ni òfin náà ń bá wí. Ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kì í ṣe báńkì. Láti 22 oṣù kọkànlá 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dá a pé ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà ti gba láísẹ́ǹsì ni kí ẹ gbé ẹjọ́ yín lọ. Ní Èkó, LSLGA ni orúkọ àjọ náà.

£43.20 wọ akáǹtì báńkì mi ní 5 oṣù kẹrin 2022. Lọ́jọ́ kejì mo pè wọ́n kí wọ́n ti akáǹtì tẹ́tẹ́ náà pa. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní ohùn dídùn. Ó ní ṣé kí òun má jẹ́ kó wà báyìí, nítorí Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé ń bọ̀ ní oṣù kọkànlá, òun sì rí i nínú ìwé mi pé Nàìjíríà ni mo máa ń gbè. Kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Gánà lé wa jáde ní Àbújá. Mo ní, "Ọmọ mi, tì í pa."